Kírúsì nínú Àìsáyà 45: ọ̀nà ìkàwé méjì, èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní mú fún iṣẹ́ wo?

Ẹni tó bá ti lọ sí ìsọ́ òru rí l'Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ti Áńgílíkà, ti Onítẹ̀bọmi tàbí ti Kérúbù, á ti gbọ́ àdúrà tí wọ́n fi Àìsáyà 45 ẹsẹ 2 àti 3 gbà: pé Olúwa yóò lọ síwájú, yóò sọ ibi wíwọ́ di títọ́, yóò fọ́ ilẹ̀kùn idẹ, yóò sì fi ìṣúra òkùnkùn tọrẹ. Ẹsẹ 1 ni wọn kì í sábà kà mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dárúkọ ẹni tí Olúwa ń bá sọ̀rọ̀. Kírúsì ni, ọba Páṣíà, kèfèrí tí ẹsẹ 4 àti 5 sọ pé kò mọ Olúwa, síbẹ̀ tí Olúwa pè é ní ẹni òróró rẹ̀.

Mo mú ibí yìí nítorí pé kò sí ibòmíràn tí ọ̀nà méjèèjì tí ẹ máa bá pàdé lọ́dún kìn-ín-ní yìí ti fara hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́, ìyẹn bí ìjọ ṣe ń ka Ìwé Mímọ́ láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì: ìwé kan ṣoṣo ni, Ọlọ́run ló mí sí i, apá kan ń túmọ̀ apá kejì, ìgbàgbọ́ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba ló sì ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Èkejì ni ọ̀nà lámèyítọ́ onítàn, tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà wo, fún ta ni, kí sì ni àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ rí gbọ́ nínú rẹ̀? Ó ń yẹ ẹ̀rí inú Bíbélì wò bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí inú ìwé àtijọ́ mìíràn wò.

Ẹ má rò pé ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ ni kí a kàn gba ẹsẹ Bíbélì mọ́ ara wa bó ṣe wù wá, kí ọ̀nà lámèyítọ́ sì jẹ́ ti àwọn tí kò gbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Lórí Àìsáyà 45, àwọn ọ̀nà méjèèjì jọ gbà pé Kírúsì ni "ìwọ" tó wà ní ẹsẹ 2 àti 3. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni wọ́n tó pínyà.

Àwọn ọdún tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn

Ẹ kọ àwọn ọdún yìí sí etí ìwé yín, gbogbo wọn ṣáájú ìbí Kírísítì. Ní nǹkan bí 740, ọdún tí ọba Ùsáyà kú, ni Ọlọ́run pe wòlíì Àìsáyà (orí 6). Ní 701, Sẹnakéríbù ọba Asíríà gbógun ti Jerúsálẹ́mù nígbà ọba Hesekáyà, Àìsáyà ṣì wà láyé. Ní 587, àwọn ará Bábílónì jó tẹ́ḿpìlì, wọ́n sì kó àwọn èèyàn Júdà lọ sí ìgbèkùn. Ní 550, Kírúsì ṣẹ́gun ọba Mídíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní oṣù Ọ̀wàwà 539, ó wọ Bábílónì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló pàṣẹ pé kí àwọn Júù padà sílé lọ kọ́ tẹ́ḿpìlì wọn, bí Ẹ́sírà 1 ṣe ròyìn rẹ̀.

Láti ọdún tí Sẹnakéríbù gbógun wá títí dé ọdún tí Kírúsì wọ Bábílónì lé ní 160 ọdún. Àlàfo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Bí ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ ṣe ń ka ibẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni àkọlé ìwé. Àìsáyà 1:1 sọ pé ìran Àìsáyà ọmọ Ámósì nìyí, kò sì sí àkọlé mìíràn ní orí 40 tó sọ pé ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ìyókù Bíbélì léèrè. Jòhánù 12:38 dé 41 mú ọ̀rọ̀ kan láti Àìsáyà 53 àti òmíràn láti Àìsáyà 6, ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó sì ní Àìsáyà ló sọ méjèèjì. Pọ́ọ̀lù náà ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti orí 65 ní Róòmù 10:20, Àìsáyà ló pè é. Fún ẹni tó ń rin ọ̀nà yìí, ọ̀rọ̀ tí àpọ́sítélì bá sọ kì í ṣe èrò ènìyàn lásán.

Ohun kẹta ló lágbára jù lójú tèmi, torí inú orí wọ̀nyí fúnra wọn ló ti wá. Ní orí 41 ẹsẹ 21 dé 23 àti orí 44 ẹsẹ 7, Olúwa ń pe àwọn òrìṣà níjà pé kí wọ́n sọ ohun tó ń bọ̀ bí wọ́n bá jẹ́ ọlọ́run lóòótọ́. Òun nìkan ló ti ń sọ ọ́ ṣáájú. Bí orúkọ Kírúsì kò bá tíì jáde kí ó tó dé, àwọn tó ń rin ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ á ní ẹjọ́ náà ti pàdánù ẹ̀rí rẹ̀ tó ga jù. Wọ́n á tún tọ́ka sí 1 Ọba 13:2, níbi tí èèyàn Ọlọ́run kan ti dárúkọ ọba Jòsáyà ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú ìbí rẹ̀. Jósífọ́ọ̀sì, òǹkọ̀tàn Júù ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn Kírísítì, tiẹ̀ kọ ọ́ pé Kírúsì fúnra rẹ̀ ka ìwé Àìsáyà, ó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ló sì mú un dá àwọn Júù sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ tó lọ sí ìtumọ̀. Kírúsì jẹ́ ẹni òróró tó tú àwọn ìgbèkùn sílẹ̀, tó sì mú kí a kọ́ ilé Ọlọ́run. Nítorí náà ọ̀pọ̀ rí i gẹ́gẹ́ bí òjìji Kírísítì. Àmọ́ àwọn baba ìjọ kò kàn ń gba ohunkóhun tó bá dùn létí. Ìwé Bánábà, tí wọ́n kọ láìpẹ́ sí ìgbà àwọn àpọ́sítélì, ka Àìsáyà 45:1 bí ẹni pé Ọlọ́run ń bá "Kírísítì mi, Olúwa" sọ̀rọ̀, torí pé ní èdè Gíríìkì, díẹ̀ báyìí ló ya orúkọ Kírúsì sọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí Olúwa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀rí tó gbayì fún jíjẹ́ Ọlọ́run Jésù. Jẹ́róòmù, tó mọ èdè Hébérù, ló kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn Látìnì àti Gíríìkì ló ṣìnà gan-an níbẹ̀, pé orúkọ ọba Páṣíà ni. Kò sẹ́ni tó lè pe Jẹ́róòmù ní aláìgbàgbọ́. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé yíyẹ ọ̀rọ̀ wò fínnífínní kì í ṣe ti ìjọ.

Bí ọ̀nà lámèyítọ́ ṣe ń ka ibẹ̀

Ó kọ́kọ́ ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwọn tó pín Bíbélì sí orí-orí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá dá ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Bí ẹ bá kà á láti 44:24, ẹ ó rí i pé Olúwa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orí Kírúsì ní ẹsẹ 28. Ìpín náà kò parí títí di 45:7. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 45:2 ti já ọ̀rọ̀ náà láàárín.

Lẹ́yìn náà ló ń bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà kà sí ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú ju gbogbo ìyókù lọ. Ní 44:26, a óò tún àwọn ìlú Júdà kọ́, nítorí náà wọ́n ti di ahoro. Kò sí ibì kan ní orí 40 dé 48 tí a ti sọ pé Jerúsálẹ́mù yóò ṣubú. Ó ti ṣubú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní Bábílónì, 48:20 sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Ní 41:2 àti 41:25, a ti ru ẹnì kan dìde láti ìlà-oòrùn àti láti àríwá, ó ti ń tẹ àwọn ọba mọ́lẹ̀. Nígbà tí orúkọ Kírúsì jáde ní 44:28, kò sí àlàyé kankan nípa ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀ ọ́n. Orúkọ Àìsáyà fúnra rẹ̀, tó jáde nígbà mẹ́rìndínlógún ní orí 1 dé 39, kò jáde mọ́ rárá láti orí 40 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ nínú ayé ìgbà náà. Ní 1879, wọ́n hú nǹkan amọ̀ kan tó rí bí àgbá kékeré jáde nínú ahoro Bábílónì. Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí. Ọ̀rọ̀ Kírúsì ló wà lára rẹ̀. Ó ní Mádúkì, òrìṣà ńlá Bábílónì, wá ọba olódodo kiri gbogbo ilẹ̀, ó di Kírúsì lọ́wọ́ mú, ó pè é lórúkọ, ó bá a rìn lọ sí Bábílónì, wọ́n sì wọ ìlú náà láìjagun. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àìsáyà 45: Olúwa di ọwọ́ ọ̀tún Kírúsì mú, ó pè é lórúkọ, ó ń lọ ṣíwájú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnì kan ti wo ìwé ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọba sórí oyè níbẹ̀ nígbà náà nìyẹn, wòlíì sì gbà á lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn Mádúkì, ó dá a padà fún Olúwa. Kò sí orúkọ Júdà lórí amọ̀ náà o, kò sì sí orúkọ Olúwa. Ẹni tó bá sọ pé amọ̀ náà fìdí Ẹ́sírà 1 múlẹ̀ ní tààrà ti sọ àsọdùn. Ohun tó fi hàn ni pé Kírúsì a máa dá àwọn òrìṣà àti àwọn èèyàn kan padà sí ìlú wọn, àṣẹ tí Ẹ́sírà ròyìn sì bá ìwà rẹ̀ mu.

Ibi tí ìgbésẹ̀ yìí ti wá di àwárí gidi ni ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Àìsáyà 45:2 ń retí pé a óò fọ́ ilẹ̀kùn idẹ, orí 46 ń retí pé a óò kó àwọn òrìṣà Bábílónì lọ sí ìgbèkùn, orí 47 ní Bábílónì yóò jókòó nínú eruku. Àmọ́ ní 539, a ò gbọ́ pé wọ́n fọ́ ìlú náà, Kírúsì sì bọlá fún Mádúkì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn 539 ni ẹnì kan jókòó tó kọ ọ́, ì bá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn lámèyítọ́ gbà pé àárín 550 àti 539 ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, nígbà tí òkìkí Kírúsì ti kàn ṣùgbọ́n tí kò tíì dé Bábílónì. Ẹ ṣàkíyèsí pé àsọtẹ́lẹ̀ ṣì ni. Wòlíì náà ṣì sọ pé ìlú tó lágbára jù láyé yóò bọ́ sọ́wọ́ ọba àjèjì nítorí Jákọ́bù, ó sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀.

Kókó ìjà náà gan-an

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi gbogbo àròkọ wọn jiyàn lórí bóyá Ọlọ́run lè sọ orúkọ èèyàn kó tó bí i. Ẹ gbé e báyìí. Ká ní a rí lẹ́tà kan tí wọ́n ní Ṣódẹkẹ́, tó kú ní 1845, ló kọ sí àwọn Ẹ̀gbá, tó wá ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ojú irin pẹ́ lórí ní Lafẹ́nwá lánàá, ẹ má bínú." Iṣẹ́ ojú irin láti Èkó kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1896. Ẹnì kan lè ní Ọlọ́run lè fi ọkọ̀ ojú irin han Ṣódẹkẹ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sọ pé ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Àwọn tó ń dúró dè é lánàá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni ta ló ń gbà á, kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run lè ṣe.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn lámèyítọ́ nìyẹn. Kò nílò kí èèyàn sẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Ábúráhámù Ibn Ẹ́sírà, olùkọ́ Júù ní ọ̀rúndún kejìlá, ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí nínú àlàyé tó ṣe lórí Àìsáyà 40, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò gba àsọtẹ́lẹ̀ gbọ́. Òótọ́ ni pé àwọn lámèyítọ́ kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí pé àsọtẹ́lẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n máa mú wá ni orúkọ Kírúsì. Ẹni tó bá jẹ́ pé orúkọ náà nìkan ló gbára lé ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó bá lè yọ orúkọ náà kúrò pátápátá, kó sì ṣì fi ahoro Jerúsálẹ́mù àti àwọn tó wà ní Bábílónì ro ẹjọ́ rẹ̀, onítàn ni.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń kọsẹ̀

Ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ ní láti ṣàlàyé ohun tí àwọn ará ìgbà Hesekáyà lè fi ìtùnú orí 40 ṣe. Asíríà ló ń dẹ́rù bà wọ́n, tẹ́ḿpìlì wọn ṣì dúró. Ìdáhùn wọn ni pé orí 39 ti pèsè ọ̀nà sílẹ̀, nígbà tí Àìsáyà sọ fún Hesekáyà pé a óò kó ohun ìní rẹ̀ lọ sí Bábílónì, àti pé Àìsáyà 8:16 ní kí a di ẹ̀rí náà, kí a fi èdìdì dì í láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn. A kọ ọ́ sílẹ̀ de ìran tó ń bọ̀ ni. Ìdáhùn tó ní làákàyè ni. Èyí tí ó ṣòro jù fún wọn ni Ẹ́sírà 1:1 àti 2 Kíróníkà 36:22. Àwọn méjèèjì ń ròyìn àṣẹ Kírúsì, wọ́n ní ó mú ọ̀rọ̀ wòlíì ṣẹ, ṣùgbọ́n Jeremáyà ni wọ́n dárúkọ, tí kò dárúkọ Kírúsì níbì kankan. Bí àwọn èèyàn náà bá ní ìwé tó ti pe orúkọ Kírúsì láti ìgbà láéláé, kí ló dé tí wọn kò fi mú un jáde níbẹ̀? Kò pa ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ run, torí pé àìdárúkọ kì í ṣe àìmọ̀, àmọ́ kò yẹ kí a fò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lójú ọ̀nà yìí kì í ṣe ti àwọn baba ìjọ bí kò ṣe tiwa. A gba ìlérí Kírúsì mọ́ra, a gbàgbé ẹsẹ 4, tó sọ ìdí rẹ̀ kedere pé nítorí Jákọ́bù ìránṣẹ́ mi. Ìṣúra òkùnkùn kì í ṣe owó tí ẹnì kan tọ́jú de wa. Ìṣúra àwọn ìlú tí Kírúsì ṣẹ́gun ni, kí ó lè mọ̀ pé Olúwa Ísírẹ́lì ló pe òun. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ dáadáa yóò gbàdúrà náà láti ipò Jákọ́bù, ìyẹn àwọn tó wà nígbèkùn tí Ọlọ́run ń lo ẹni tí wọn kò mọ̀ rí láti tú wọn sílẹ̀. Àdúrà yẹn lágbára ju èyí tí à ń gbà lọ, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu.

Ọ̀nà lámèyítọ́ náà ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ̀. Gígé ló sábà ń kó bá a. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yà orí 40 dé 66 sọ́tọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Dúùmù ará Jámánì tún gé orí 56 dé 66 kúrò lára rẹ̀ ní 1892. Ìdí wà fún un, torí pé ní orí wọ̀nyẹn ó dà bí ẹni pé àwọn èèyàn ti padà sílé, tí ìjà mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e gé e sí wẹ́wẹ́ títí tó fi jẹ́ pé gbólóhùn kan lè ní òǹkọ̀wé mẹ́ta. Bí ẹ bá ti rí i pé ohun kan ṣoṣo tó ń ti gígé kan lẹ́yìn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá èyí tí lámèyítọ́ ń retí mu, ẹ ṣọ́ra.

Kò sì sí ẹ̀dà ìwé kankan tí orí 1 dé 39 ti dá dúró. Ìwé kíká Àìsáyà tí wọ́n rí ní Kúmúránì ní 1947, tí a dà kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú Kírísítì, fi orí 40 sí ìlà tó kẹ́yìn òpó ìwé kan, láìsí àlàfo ńlá kankan. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé kan ló wà. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé nígbà yẹn ìwé kan ṣoṣo ló ti jẹ́, ó sì ti lé ní 400 ọdún lẹ́yìn Kírúsì. Èyí tó dí lámèyítọ́ lọ́wọ́ jù ni pé orúkọ tí a fi ń pe Ọlọ́run ní Ẹni Mímọ́ Ísírẹ́lì, tó ṣọ̀wọ́n nínú ìyókù Bíbélì, jáde bí ìgbà méjìlá ní apá kìn-ín-ní àti bákan náà ní apá tó kù. Ẹni tó bá sọ pé òǹkọ̀wé ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ohùn wọn ṣe wá jọra tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí ọ̀pọ̀ ń fún un ni pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Àìsáyà ló ń kà á, tó ń ṣàṣàrò lé e lórí, tó sì ń bá a lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ lóde òní fi ń bèèrè bí a ṣe hun odindi orí 66 pọ̀. Ní báyìí, àwọn ọ̀nà méjèèjì ti súnmọ́ra níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lọ. Ìjọ Àgùdà gan-an, tí ìgbìmọ̀ Bíbélì rẹ̀ sọ ní 1908 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti gbà pé òǹkọ̀wé Àìsáyà ju ẹyọ kan lọ, ló tún sọ nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà ti 1993 pé a kò lè ṣe láìsí ọ̀nà lámèyítọ́ onítàn.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹ wo ohun tí wọ́n bi yín. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí ẹ ṣàlàyé Àìsáyà 44:24 dé 45:7 nínú ìtàn rẹ̀, ọ̀nà lámèyítọ́ ni kí ẹ mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà kà sí ohun tó ti wà nílẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ ara amọ̀ Kírúsì wá, kí ẹ tó dá ọdún lé e. Ẹ má kọ orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì jọ láìsí ẹsẹ Bíbélì kan lẹ́yìn wọn. Bí ẹ bá gbà pé Àìsáyà kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn 44:26 àti Ẹ́sírà 1:1. Bí ẹ bá sọ pé òǹkọ̀wé ju ẹyọ kan lọ, ẹ dáhùn Jòhánù 12 náà. Àwọn kan ń dáhùn pé orúkọ ìwé ni Jòhánù ń pè, bí a ṣe ń sọ pé Dáfídì wí nígbà tí a bá ń ka Sáàmù. Àwọn mìíràn ń kọ̀ ọ́, torí Jòhánù ní Àìsáyà rí ògo rẹ̀, èyí tó kọjá pípe orúkọ ìwé. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sọ èyí tó dá yín lójú.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wàásù rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ ni kí ó máa darí ẹ̀kọ́ náà, torí ìjọ kò pé jọ láti gbọ́ ọjọ́ orí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kejì sọ fún yín ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí pé ibẹ̀ ni ìwàásù náà wà. Àwọn ìgbèkùn ń retí ọba láti ilé Dáfídì, Ọlọ́run sì pe kèfèrí ní ẹni òróró. 45:9 dé 13 fi hàn pé àwọn kan nínú wọn bínú sí i, tí Olúwa sì bi wọ́n bóyá amọ̀ lè bi ẹni tó ń mọ ọ́n léèrè ohun tó ń ṣe. Ẹni tó ka ẹsẹ 2 àti 3 nìkan kò lè gbọ́ ìjà yẹn. Ìlú Abẹ́òkúta tí ìhìnrere ti dé láti 1842 kò ṣàìmọ bí Ọlọ́run ṣe ń lo àjèjì, ẹ ò sì níí wá àpẹẹrẹ jìnnà.

Fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run alákòóso ìtàn, tí ẹ máa tún bá pàdé lọ́dún kejì, ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ mú pọ̀. 45:7 sọ pé Olúwa ló dá ìmọ́lẹ̀, òun náà ló dá òkùnkùn. Ẹ má fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ẹsẹ yẹn.

Ní líbírárì, ẹ máa rí ìwé àlàyé tí kò sọ ọ̀nà tó ń tọ̀. Ẹ ṣí i sí Àìsáyà 40:1 kí ẹ tó yá a. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ orí náà pẹ̀lú Bábílónì àti ọdún 550 sí 539, ọ̀nà lámèyítọ́ ni. Bí ó bá ń bá ọ̀rọ̀ orí 39 lọ bí ẹni pé Hesekáyà ṣì jókòó síbẹ̀, ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ ni. Bí kò bá sọ nǹkan kan nípa ẹni tí à ń tù nínú, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ ìwé, kí ẹ wá òmíràn.